Kí ló dé tí 0.9 fi ń bá 0.9 jà nínú Excel?

Ká ní akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan n'Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ń fi Excel ṣírò owó, tó sì ń kọ ọ́ ní ẹgbẹ̀rún náírà kí òdo má baà pọ̀ jù. Ọmọ ẹgbẹ́ kan san ₦43,100, ó di 43.1 ní B2, ẹni yẹn gba ₦43,200, ó di -43.2 ní B3, ó tún wá san ₦1,000, ìyẹn 1 ní B4. ₦900 ló kù, ọmọdé gan-an mọ̀ ọ́n. B5 tí wọ́n ti ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ náà ń fi 0.90 hàn kedere. Àmọ́ ẹ bi í léèrè báyìí:

```
=SUM(B2:B4)=0.9
```

FALSE ló máa sọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti bàjẹ́ kí àròpọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, àtìgbà tí wọ́n ti tẹ nọ́ńbà wọlé. Ìdajì ni kọ̀ǹpútà mọ̀, àti ìdajì ìdajì, àti ìdajì ìyẹn náà, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Tèèyàn bá ń la iṣu sí méjì, tó tún ń la ààbọ̀ ẹ̀ sí méjì, ìdá kan nínú mẹ́wàá ò ní jáde gẹ́lẹ́ láéláé, a kàn lè sún mọ́ ọn ni. Torí náà èyí tó sún mọ́ ọn jù ni kọ̀ǹpútà ń mú: 43.1 di nǹkan bíi 43.1000000000000014, 43.2 di 43.2000000000000028. Èlé tó wà lára méjèèjì ò dọ́gba, nígbà tí wọ́n bá wá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, nọ́ńbà ńlá lọ, èlé yẹn ṣẹ́ kù, tí wọ́n bá sì ro 1 mọ́ ọn, ó wá di 0.8999999999999986. 0.9 téèyàn fọwọ́ tẹ̀ ní tiẹ̀ péye jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ìṣirò kọ̀ǹpútà ń fẹ́lẹ́ tó.

0.90 tó hàn ní B5 yẹn, ojú lásán ni o, fọ́máàtì ò yí ohun tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì padà. Ẹni tó bá fẹ́ rí i:

```
=(SUM(B2:B4)-0.9)
```

Nǹkan bíi -1.44E-15 ló máa jáde. Ẹ má yọ àkámọ́ ìta yẹn, torí Excel máa ń sọ irú ìyàtọ̀ kékeré báyìí di òdo nígbà míì.

ROUND ló ń tún un ṣe:

```
=ROUND(SUM(B2:B4),3)=0.9
```

TRUE. ROUND náà ò lè ṣe 0.9 tó pé pérépéré o, ohun tó ṣe ni pé ó dá èsì padà sórí nọ́ńbà kan náà tí kọ̀ǹpútà ń mú téèyàn bá tẹ 0.9, làwọn méjèèjì bá dọ́gba. Tó bá jẹ́ pé àròpọ̀ ló wà lápá kejì náà, ẹ ROUND òun náà.

3 yẹn ṣe pàtàkì. Ẹgbẹ̀rún náírà la fi ń kọ ọ́, ipò kẹta lẹ́yìn désímà ni náírà kan wà, tí kọ́bọ̀ bá wọ̀ ọ́, 5 ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi 2 bí ọ̀pọ̀ ṣe máa ń ṣe, ₦904 á kọjá bíi ₦900, TRUE ló máa pè é, ₦4 ti sọnù nìyẹn láìsí ẹni tó rí i. Ẹni tó bá ń tẹ náírà gidi bíi 43100 láìsí kọ́bọ̀ ò nílò ROUND fún àròpọ̀ báyìí rárá.