Lẹ́tà "ẹ jẹ́ kí n máa san díẹ̀díẹ̀" kì í dá aago dúró

Bí ìwé owó-orí bá ti ń wọ ṣọ́ọ̀bù l'Ákùúrẹ́, láti Ọjà Ọba dé ọ̀nà Oyèmẹ́kùn, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ ó máa gbọ́: "Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n, mo ti kọ lẹ́tà sí wọn pé díẹ̀díẹ̀ ni màá máa san." Ẹni tó sọ ọ́ á wá lọ sùn bí ẹni tó ti san gbèsè tán. Pé èèyàn lè bẹ àwọn agbowó-orí kí wọ́n pín gbèsè tó ju owó ọwọ́ ẹni lọ, ta ló ń jiyàn ìyẹn? Èyí tí ń bíni nínú ni pé wọ́n gbà pé lẹ́tà yẹn ti dá gbogbo nǹkan dúró. Kò dá nǹkan kan dúró.

Ọgbọ̀n ọjọ́ tí òfin fúnni láti tako iye tí wọ́n bù fúnni ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí. Ọjọ́ tí ìwé náà bá tẹ̀ yín lọ́wọ́ ni kíkà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oníṣòwò ò bá kọ iye tó pa sílẹ̀ fún wọn, àfojúdá ni wọ́n fi ń bu owó-orí, àfojúdá náà sì lè ga kọjá ohun tó wọlé. Ẹni tó bá kọ̀wé pé "ẹ jọ̀ọ́, ẹ pín in fún mi" kò tíì takò ó. Bí ẹni tó gbà pé òun jẹ gbogbo ẹ̀ ló ṣe sọ̀rọ̀. Tí ọgbọ̀n ọjọ́ bá kọjá, àfojúdá yẹn di gbèsè gidi, òun lẹ ó sì máa san díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, tí iye náà ò bá tọ́, ìwé àtakò ló kọ́kọ́ yẹ kó lọ: kí ẹ kọ iye tó wọlé gan-an sínú ẹ̀, iye owó-orí tó yẹ kó jẹ́, àti ìdí rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ọjà àti sítétímẹ́ǹtì báńkì. Ìwé ọ̀tọ̀ ni ti ẹ̀bẹ̀ sísan díẹ̀díẹ̀. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀ sójú ewé kan, ẹ sì gba òǹtẹ̀ wọn sí ẹ̀dà tiyín, kí ọjọ́ tẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ lè hàn.

Ó wá ku ti èlé. Ká mú ìyá aláṣọ kan tó jẹ ₦480,000, tí ₦200,000 péré sì wà nílẹ̀. Owó ìtanràn ìdá mẹ́wàá, ìyẹn ₦48,000, ti gun orí ẹ̀ nítorí pé ọjọ́ sísan kọjá. Ká fi èlé sí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, kí ìṣirò lè rọrùn. Tó bá dúró de oṣù méje kó tó san ohunkóhun, èlé nìkan á di ₦67,200. Tó bá san ₦130,000 lọ́jọ́ tó mú lẹ́tà lọ, tó fi ₦70,000 ra ọjà kí ṣọ́ọ̀bù má baà ṣófo, ₦350,000 ló kù nínú owó-orí fúnra ẹ̀, láìka owó ìtanràn mọ́ ọn, tó jẹ́ ₦50,000 lóṣù fún oṣù méje. Èlé oṣù kìíní á jẹ́ ₦7,000, ìkejì ₦6,000, títí tí yóò fi di ₦1,000: àròpọ̀ ẹ̀ ₦28,000. Ó dín ní tòótọ́, àmọ́ kò parẹ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Èlé náà mọ ọ̀nà yẹn.

Mi ò ní sọ pé wọn kì í dárí owó ìtanràn jini. Òfin fún wọn láyè bí ìdí bá dáa. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò sí nínú sísan díẹ̀díẹ̀ fúnra ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀bẹ̀ fún un lọ́tọ̀, kí èsì sì wà lórí ìwé. Bóyá wọ́n á gbà tàbí wọn ò ní gbà, ọwọ́ wọn ló wà. Ó jọ pé ẹni tó mú owó díẹ̀ dání, tó sì fi sítétímẹ́ǹtì oṣù mẹ́fà hàn, máa ń rí etí tó gbọ́ ju ẹni tó mú omijé lọ.

Ẹ má sì retí ìwé ẹ̀rí owó-orí nígbà tí gbèsè bá ṣì kù. Owó ọdún mẹ́ta tó ṣáájú gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó lè fún yín. Ẹni tó fẹ́ du iṣẹ́ kọngílá lóṣù tó ń bọ̀, kó ti rò ó mọ́ ọn.

Ibi tí mo ti ń bẹ̀rù fún àwọn èèyàn jù ni ṣẹ́ẹ̀kì ọlọ́jọ́ iwájú tí wọ́n lè ní kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Ṣẹ́ẹ̀kì tí báńkì dá padà nítorí pé owó ò sí nínú àkáǹtì jẹ́ ẹ̀sùn ọ̀daràn lórílẹ̀-èdè yìí, ó sì lè fa ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Ẹ̀bẹ̀ tẹ́ ẹ lọ bẹ̀ nítorí owó-orí á wá di ẹjọ́ míì. Iye tí ọwọ́ yín ká lóṣù tí ọjà kú ni kẹ́ ẹ kọ, ẹ má kọ iye tí oṣù Kejìlá ń mú wá. Bí oṣù kan bá sì fẹ́ le, ẹ tètè mú lẹ́tà lọ kí ọjọ́ ṣẹ́ẹ̀kì náà tó pé.