Ìwé alaalẹ́ fún ẹni tó ń yẹ ìkọjá òṣùpá wò

Ohun tí awòràwọ̀ ń pè ní ìkọjá kò ju pé pílánẹ́ẹ̀tì kan tó ń rìn lójú ọ̀run lónìí dé ibi tí òmíràn wà lọ́jọ́ tí wọ́n bí èèyàn, tàbí pé ó dojú kọ ibẹ̀, tàbí pé ó jìnnà síbẹ̀ ní ìdá mẹ́rin ọ̀run. Wọ́n ń ka òṣùpá àti oòrùn mọ́ àwọn pílánẹ́ẹ̀tì yìí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ máa ń fẹ́ yẹ gbogbo wọn wò pa pọ̀, ibẹ̀ ni ìwé rẹ̀ ti ń dàrú. Sátọ̀n ń lò tó ọdún 29 kó tó yí ọ̀run po, Júpítà ń lo bí ọdún 12. Ta ló fẹ́ dúró dè wọ́n? Òṣùpá nìkan ló yá tó: ó ń rin nǹkan bíi dígírì 13 lójúmọ́, kò sì ju ọjọ́ 27 àti wákàtí bíi mẹ́jọ lọ tó fi ń padà síbi tó ti kúrò. Òṣùpá tó ń rìn àti pílánẹ́ẹ̀tì ìbí kan ṣoṣo, ìyẹn ibi tí pílánẹ́ẹ̀tì náà wà lọ́jọ́ ìbí, ti tó fún ìwé àkọ́kọ́.

Pílánẹ́ẹ̀tì ìbí wo ni kí èèyàn mú? Sátọ̀n ló dára jù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn níhìn-ín, nítorí kì í ṣe gbogbo ilé ló kọ wákàtí ìbí ọmọ sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan, Sátọ̀n kì í kúrò lójú kan débi tí yóò ba ìṣirò jẹ́, torí náà ẹni tó mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò mọ aago lè lò ó. Ká mú ẹnì kan tí wọ́n bí ní Ìkòròdú ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ẹrẹ́nà 1995. Sátọ̀n rẹ̀ wà ní nǹkan bíi dígírì 14 nínú àmì Ẹja. Gbogbo ìgbà tí òṣùpá bá dé ibẹ̀, tàbí tó jìnnà sí i ní dígírì 90, 180 tàbí 270, ni awòràwọ̀ máa sọ pé kí onítọ̀hún retí ìnira ọkàn. Ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín oṣù òṣùpá kan.

Kí ọjọ́ àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí onítọ̀hún kọ ohun tó ń retí sí ojú ìwé àkọ́kọ́, kó má sì padà yí i: «Ní ọjọ́ tí òṣùpá bá kan Sátọ̀n ìbí mi, máàkì ìṣesí mi á jẹ́ 1 tàbí 2.» Lẹ́yìn náà, lálaalẹ́, ní aago mẹ́sàn-án, kó kọ nọ́ńbà kan láti 1 dé 5. 1 túmọ̀ sí pé ọkàn wúwo débi pé iṣẹ́ kò ṣeé ṣe. 3 ni ọjọ́ lásán. 5 ni ọjọ́ tí inú dùn gan-an. Kó fi ìlà méjì kún un nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ àti aago tó ṣẹlẹ̀, wákàtí tó fi sùn, àti orúkọ ọjọ́ náà. Ẹni tó ń ná ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún gbọ́dọ̀ fi àmì sí ọjọ́ ọjà náà pẹ̀lú. Tí alẹ́ kan bá fo, kó fi ààyè sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Máàkì tí wọ́n bá fi ìrántí dí lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta kì í sábà jẹ́ òótọ́.

Kò gbọ́dọ̀ wo ibi tí òṣùpá wà ní gbogbo àsìkò yìí. Òfin yìí ni wọ́n ń rú jù, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń gbé iṣẹ́ náà ró. Ẹni tó ti kà láàárọ̀ pé Sátọ̀n ń bọ̀ yóò rí ìbànújẹ́ tó bá Sátọ̀n mu kó tó di alẹ́. Ní 1948, Bertram Forer, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní àpèjúwe ìwà tó jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo wọn láìsọ fún wọn; ní ìpíndọ́gba wọ́n fún un ní máàkì tó lé ní 4 nínú 5 pé ó bá ìwà wọn mu. Nítorí náà kí onítọ̀hún pa ìkìlọ̀ ojoojúmọ́ tí áàpù ìràwọ̀ ń fi ránṣẹ́. Òǹkà ibi tí òṣùpá wà kò ní sá lọ, a lè wò ó lẹ́yìn ọjọ́ 82, ìyẹn nígbà tí òṣùpá bá ti yí ọ̀run po lẹ́ẹ̀mẹta.

Nígbà tí wọ́n bá wá ṣí òǹkà náà, ohun méjì ló máa ń ba ìṣirò jẹ́. Àkọ́kọ́ ni aago: ọ̀pọ̀ òǹkà ló ń lo aago Gíríníìsì, tiwa sì fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀, nítorí náà ìkọjá aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́ nínú ìwé ti di ọjọ́ kejì ní Ìkòròdú. Èkejì burú jù. Àwọn áàpù ilẹ̀ Íńdíà àti ti àwọn òyìnbó kò bẹ̀rẹ̀ ìṣirò dígírì láti ojú kan náà, ìyàtọ̀ àárín wọn tó bíi dígírì 24. Ẹni tó bá mú Sátọ̀n ìbí rẹ̀ nínú ọ̀kan, tó sì mú òṣùpá nínú èkejì, ti ṣi ọjọ́ mú pẹ̀lú nǹkan bí ọjọ́ méjì, gbogbo máàkì rẹ̀ á sì bọ́ sí ibi tí kò yẹ.

Ó wá ku kíkà. Ká sọ pé nínú alẹ́ 82, ìkọjá 12 ló wà, marùn-ún nínú wọn sì ní máàkì 1 tàbí 2. Nínú ọjọ́ 70 tó kù, 19 ló ní irú máàkì bẹ́ẹ̀. Ìyẹn jẹ́ bíi 42 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọjọ́ ìkọjá, àti bíi 27 fún àwọn ọjọ́ yòókù, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì ti pariwo pé ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Àárín ìkọjá kan àti èyí tó tẹ̀lé e jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà àti wákàtí 20, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan gééré. Bí èyí àkọ́kọ́ bá bọ́ sí alẹ́ ọjọ́ Ajé, èyí tó tẹ̀lé e á bọ́ sí ọ̀sán ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ fún bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó tó sún sí ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ Ajé ni ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó ń jí ní aago mẹ́rin àárọ̀ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má bàa ká a mọ́ ojú ọ̀nà, tàbí kó tètè tò sórí ìlà ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò. Kò nílò Sátọ̀n kí inú tó bàjẹ́.

Torí náà kí wọ́n ya ọjọ́ Ajé sọ́tọ̀ kí wọ́n tó tún kà. Nínú ọjọ́ Ajé 12 tó wà nínú ìwé yìí, marùn-ún ní ìkọjá, mẹ́rin nínú wọn burú. Méje kò ní ìkọjá, marùn-ún nínú wọn burú. Ìyàtọ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní àwọn ọjọ́ tó kù, ìkọjá méje wà, ọ̀kan péré ló burú. Ọjọ́ 63 kò ní ìkọjá, 14 sì burú. Níbi yìí gan-an, ọjọ́ ìkọjá tilẹ̀ sàn díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ọjọ́ Ajé ni ìwé yìí rí, kò rí Sátọ̀n.

Bí ìyàtọ̀ bá ṣì wà lẹ́yìn tí wọ́n ti ya ọjọ́ Ajé, ọjọ́ ọjà àti alẹ́ tí oorun kò tó sọ́tọ̀, ìkọjá 12 ṣì kéré. Kí onítọ̀hún fi ohun tó kọ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ yẹn ṣe ọjọ́ 82 mìíràn, láìyí ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀, kó tó ronú à ti fi Máàsì kún un.