Orí Tábìlì Ni Sátíìnì Ti Ń Bàjẹ́

Bí ojú ìrán sátíìnì bá hunjọ, maṣíìnì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bú. Wọ́n á yí tẹ́ńṣọ̀n òwú síwá sẹ́yìn, wọ́n á pààrọ̀ abẹ́rẹ́, wọ́n á ránṣẹ́ pe ẹni tó ń tún maṣíìnì ṣe. Bí aṣọ náà kò bá tíì dára lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ẹ̀bi á bọ́ sórí ọmọ iṣẹ́ tó jókòó sídìí maṣíìnì. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ọwọ́ maṣíìnì níbẹ̀, kò sì sí ọwọ́ ọmọ náà. Aṣọ ti wọ́ kí sísọ́ọ̀sì tó kàn án.

Ohun tó fà á wà nínú bí wọ́n ṣe hun ún. Nínú áńkárá, òwú tó lọ ní ìbú ń gba orí ọ̀kan, ó ń gba abẹ́ èkejì, gbogbo ibi tó bá ti pàdé òwú òòró ni wọ́n ti ń di ara wọn mú. Sátíìnì kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú irú èyí tó wọ́pọ̀, òwú kan á fò kọjá lórí mẹ́rin kó tó wọ abẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Ibi tó fò yẹn ló ń kọ mọ̀nà, òun náà ló sì ń yọ̀, torí ibi tí òwú ti di ara wọn mú ti dín kù. Bí wọ́n ṣe ń hun áńkárá ni wọ́n ń hun ṣífọ́ọ̀nù ní tirẹ̀, ọ̀kan lórí, ọ̀kan lábẹ́, ṣùgbọ́n òwú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an, wọ́n lọ́ ọ púpọ̀, wọ́n sì fi àyè sáàárín wọn.

Irú aṣọ méjèèjì yìí dà bí àtíbàbà òde ìgbéyàwó tí wọn kò tíì so okùn rẹ̀ le. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bó ṣe yẹ, irin orí rẹ̀ náà pé. Kí ọmọdé kan ṣáà wá fẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ kan, gbogbo rẹ̀ á dà sí ẹ̀gbẹ́. Kò sí irin tó gùn sí i, kò sí èyí tó kúrú; igun ló yẹ̀. Bí wọ́n bá wá so okùn mọ́lẹ̀ bó ṣe dà yẹn, tí wọ́n to àga sábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fi aṣọ olówó iyebíye yí òpó ká, ojú á gbà á bí ohun tó gún títí afẹ́fẹ́ á fi fẹ́, tí àwo jọ̀lọ́ọ̀fù á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lórí tábìlì àwọn ìyá ìyàwó. Sísọ́ọ̀sì ni okùn yẹn. Bí aṣọ bá ti dà sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí a gé e, bó ṣe dà náà ni a so ó mọ́lẹ̀, kò sì sí áyọ́ọ̀nù tó lè gbé e dìde mọ́.

Ní apá Àríwá, ọyẹ́ tún ń dá kún un. Ọ̀pọ̀ sátíìnì àti ṣífọ́ọ̀nù tí wọ́n ń tà ní ọjà Wúsè ní Àbújá tàbí ní ọjà Kántíìn Kwárí ní Kánò jẹ́ pọ́lísítà. Bí pọ́lísítà bá ń fara ra nǹkan nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ, iná mànàmáná kékeré máa ń pọ̀ sí i lára. Ìdí nìyẹn tí ṣífọ́ọ̀nù fi ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ àti bùbá ẹni tó ń gé e ní oṣù kejìlá, tó ń ta pàràpàrà bí wọ́n bá ká a, tí igun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ sì ń gbéra fúnra rẹ̀. Tábìlì fọmáíkà dídán ló burú jù fún un. Kí wọ́n tẹ́ aṣọ ìbùsùn onírun òwú sórí rẹ̀, kí wọ́n fi tówẹ̀lì tútù nu ọwọ́ àti etí tábìlì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lè wọ́n omi díẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ yàrá, ṣùgbọ́n kí ó má kan aṣọ láìjẹ́ pé wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò ní igun kan, torí omi máa ń fi àbàwọ́n sílẹ̀ lára àwọn sátíìnì kan.

Ohun tó wá ń dá àtíbàbà náà dúró ni ìwé. Búráwùn pépà tí wọ́n fi ń gé pátánù ni. Ìwé ìròyìn kò dára, tàdáwà rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ aṣọ funfun. Kí wọ́n fa ìlà kan tó gún sórí ìwé náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá ìlà tòótọ́ inú aṣọ, torí orí tí oníṣòwò gé ní ọjà kì í sábà gún. Wọ́n á gé etí aṣọ díẹ̀, wọ́n á mú òwú ìbú kan, wọ́n á sì máa fà á jẹ́jẹ́. Bó bá já, kí wọ́n mú èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibi tí òwú náà ti jáde á fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀, ìlà yẹn gan-an ni kí wọ́n gé lé lórí. Ó ń pẹ́, ó sì ń sú ènìyàn, àmọ́ ẹ̀rí tó dájú pé aṣọ gún ni.

Etí aṣọ ni wọ́n á wá tò mọ́ ìlà orí ìwé, kí wọ́n sì fi píìnì tẹ́ẹ́rẹ́ mú un ní gbogbo íǹsì méjì méjì. Kí wọ́n má ṣe fi ọwọ́ fà á kí ó lè tẹ́jú. Bó bá hunjọ níbì kan, kí wọ́n gbé etí tó wà ní òdìkejì sókè, kí wọ́n jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ abẹ́ rẹ̀, kó padà bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Kí wọ́n má sì pa á pọ̀ sí méjì kí wọ́n tó gé e, bí a ti ń ṣe sí áńkárá. Ipele kan ni kí ó jẹ́, kí wọ́n yí pátánù padà fún ẹ̀gbẹ́ kejì. Ibi gígé tó rí bí àtẹ̀gùn tí a bá rí ní àárín gáùn lẹ́yìn tí a ṣí i, abẹ́ ìpele kejì tí ojú kò rí ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwé àti aṣọ ni sísọ́ọ̀sì á jọ gé pọ̀. Abẹ sísọ́ọ̀sì ti ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò lórí tábìlì, kí wọ́n fi ẹnu rẹ̀ gé gígùn dípò kí wọ́n máa já a ní kéékèèké. Àléébù ọ̀nà yìí ni pé ìwé ń mú kí sísọ́ọ̀sì kú, nítorí náà ó yẹ kí ó ní sísọ́ọ̀sì tirẹ̀. Àwọn télọ̀ kan á sọ pé ìnáwó ni. Ẹni tó ti ra yáàdì mẹ́fà sátíìnì rọ́pò ti oníbàárà mọ ìnáwó.

Ó kù maṣíìnì. Ó ní ẹ̀bi tirẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fẹ̀sùn rẹ̀ kàn án. Eyín tó wà lábẹ́ maṣíìnì ń fa aṣọ ìsàlẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ maṣíìnì sì ń tẹ aṣọ òkè mọ́lẹ̀, ó ń dá a dúró. Nínú áńkárá, aṣọ méjèèjì ń dì mọ́ ara wọn, wọ́n sì ń jọ rìn. Nínú sátíìnì, ìsàlẹ̀ ń lọ, òkè ń yọ̀ sẹ́yìn.

Ẹ wo síkẹ́ẹ̀tì oníkélé mẹ́fà kan, ìyẹn èyí tí wọ́n rán ègé aṣọ mẹ́fà pọ̀, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ íǹsì 42. Bí abẹ́rẹ́ bá ń rán mílímítà 2 lẹ́ẹ̀kan, yóò wọ aṣọ ní ìgbà tó lé ní 500 kó tó dé ìsàlẹ̀. Bí òkè bá pàdánù ìdá kan péré nínú ìdá 40 mílímítà kan nígbà kọ̀ọ̀kan, ìdajì íǹsì á ti ṣẹ́kù ní òkè nígbà tí wọ́n bá parí. Ohun tó ń bíni nínú ni ohun tí wọ́n ń ṣe sí ìdajì íǹsì yẹn: wọ́n á fi sísọ́ọ̀sì gé e dànù, kí ìsàlẹ̀ lè dọ́gba. Ìsàlẹ̀ á dọ́gba lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkè ti hunjọ láti ìbàdí wá, kélé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á sì jọ lọ́ mọ́ ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fífa aṣọ láti ẹ̀yìn nígbà tí maṣíìnì ń lọ: ó ń na aṣọ, ó sì ń tẹ abẹ́rẹ́.

Ọ̀nà kan wà láti mọ ẹlẹ́bi. Kí wọ́n tẹ́ ojú ìrán tó hunjọ náà sórí tábìlì, kí wọ́n já òwú kan ní gbogbo íǹsì méjì. Bí aṣọ bá tẹ́jú lójú ẹsẹ̀, tẹ́ńṣọ̀n ló le jù, òwú ló ń so ó pọ̀. Bí òkè bá ṣì ń wú tí ìsàlẹ̀ sì le, eyín maṣíìnì ló fa ọ̀kan ju èkejì lọ. Bó bá tẹ́jú lórí tábìlì bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n tí ojú ìrán ẹ̀gbẹ́ ń yí wá síwájú nígbà tí wọ́n bá wọ̀ ọ́, orí tábìlì gígé ni ìṣòro ti wá, ó sì ti pẹ́ jù.

Fún ìṣòro eyín, kí wọ́n tú ìdè tó wà lórí ọ̀pá ẹsẹ̀ maṣíìnì díẹ̀ kí títẹ̀ rẹ̀ dín kù. Kí wọ́n lo abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 9 tuntun fún ṣífọ́ọ̀nù, 11 fún sátíìnì tó nípọn, nítorí abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ ti kú ni ó ń ta òwú sátíìnì yọ tí ìlà fi máa ń yọ káàkiri. Kí wọ́n tẹ́ ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ aṣọ. Kí wọ́n di òwú òkè àti ìsàlẹ̀ mú fún ìrán mẹ́ta àkọ́kọ́, kí maṣíìnì má bàa gbé etí aṣọ mì. Kí wọ́n rán kélé láti ibi tó fẹ̀ ní ìsàlẹ̀ lọ síbi tó sún ní ìbàdí. Bí wọ́n bá ti parí, kí wọ́n fi àtàńpàkò tẹ ojú ìrán, kí wọ́n ya ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́. Bí wọ́n bá fà á sókè, ìrán á tú.

Síkẹ́ẹ̀tì tó bá ní kélé oníṣífọ́ọ̀nù kò tíì ṣeé ká létí ní ọjọ́ yẹn. Àwọn ibi tí òwú ti lọ ní ìdàgẹ̀rẹ̀ máa ń na ara wọn fúnra wọn. Kí wọ́n fi í kọ́ sára háńgà mọ́jú. Ní àárọ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀gbẹ́ kan ti wá sílẹ̀ ju èkejì lọ. Kí ẹni tó ni ín wọ̀ ọ́, kó dúró ṣinṣin lórí bàtà tó máa wọ̀, kí télọ̀ sì kúnlẹ̀ pẹ̀lú rúlà, kí ó máa sàmì ìwọ̀n kan náà láti ilẹ̀ yí i ká, ìgbà náà ni kí ó tó gé àjẹkù.