Bí a ṣe ń rí pH bọ́fà, àti ohun tí NaOH díẹ̀ ń ṣe sí i

Ká ní bọ́fà kan wà nínú bíkà, mílílítà 250. Ásíìdì asẹ́tíìkì, èyí tó ń jẹ́ kí fínígà kan lẹ́nu, jẹ́ 0.20 M nínú rẹ̀. Sódíọ́mù ásétéètì jẹ́ 0.30 M. pKa ásíìdì yìí jẹ́ 4.76 ní 25 °C. Ìdọ́gba Henderson-Hasselbalch ló máa sọ pH rẹ̀:

```
pH = pKa + log([A⁻]/[HA])
```

A⁻ ni ásétéètì, HA ni ásíìdì. Tí a bá fi 0.20 pín 0.30, a ó rí 1.5. Lọ́ọ̀gì rẹ̀ jẹ́ 0.18, pH sì di 4.94. Ẹni tó bá tẹ ln dípò log lórí kalikulétọ̀ máa rí 5.17. Ẹni tó bá dojú ìpín náà dé máa rí 4.58, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ṣòro láti ká mọ́: níbi tí ásétéètì bá ti pọ̀ ju ásíìdì lọ, pH ò lè wà nísàlẹ̀ pKa.

Wàyí o, ká da mílílítà 5 NaOH 1.0 M sí i. Kí á tó padà sídìí ìdọ́gba, ó yẹ ká mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú bíkà. OH⁻ kì í dá dúró níbẹ̀. Ásíìdì ló ń gbá mú, ó ń sọ ọ́ di ásétéètì, ẹyọ kan sí ẹyọ kan:

```
HA + OH⁻ → A⁻ + H₂O
```

Mílímóòlù ni ká fi ṣírò, nítorí omi inú bíkà ti di mílílítà 255, M àtijọ́ ò sì bá a mu mọ́. Ásíìdì jẹ́ mílímóòlù 50 tẹ́lẹ̀, ásétéètì jẹ́ 75. NaOH mú 5 wá. Ásíìdì wá ku 45, ásétéètì di 80. Inú omi kan náà ni méjèèjì wà, nítorí náà a lè fi 45 pín 80 tààrà: 1.78, lọ́ọ̀gì rẹ̀ 0.25, pH 5.01.

Àṣìṣe tó máa ń sá pamọ́ ni kí èèyàn fi 5 kún ásétéètì kó sì gbàgbé láti yọ ọ́ kúrò lára ásíìdì. Ó máa rí 4.96, èyí tó jọ òótọ́ gan-an.

Ká sọ pé omi lásán ni mílílítà 250 yẹn, NaOH kan náà ì bá gbé pH láti 7 dé nǹkan bí 12.3.

Ṣùgbọ́n ásíìdì inú bọ́fà lópin. Tí NaOH bá pé mílílítà 50, gbogbo mílímóòlù 50 ásíìdì ti tán, òdo ló kù lábẹ́ ìpín, ìdọ́gba náà ò sì ṣeé lò mọ́. Tó bá dé mílílítà 60, NaOH tó ṣẹ́ kù nìkan là ń ṣírò: mílímóòlù 10 nínú mílílítà 310, pH 12.5.