Àṣẹ sítọ́ọ̀pù kì í ṣe ọlọ́dẹ òru

Ẹni tó bá ń ra ìpín ìdókòwò àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà lórí fóònù ti gbọ́ ọ rí: “Mo ti fi sítọ́ọ̀pù sí dọ́là 300. Bó bá burú burú, ibẹ̀ náà ni mo ti máa jáde.” Wọ́n á wí bẹ́ẹ̀ tán, wọ́n á lọ sùn. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Àṣẹ sítọ́ọ̀pù kì í ṣe àdéhùn lórí iye. Ó kàn wà lọ́dọ̀ alágbàtà ni, tó ń dúró kí ẹnì kan ra ìpín yẹn ní 300 tàbí kó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ ló máa di “ẹ tà á ní iyekíye tí ẹ bá rí”. Bí iye bá ń rọra sọ̀ kalẹ̀, 302, 301, 300, ẹni tó ni ín lè rí 299 àti kọ́bọ̀ díẹ̀ gbà, kò sì ní fura pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí iye bá fò kọjá 300 láì fẹsẹ̀ kàn án ni wàhálà.

Ẹ wo Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Fesibúùkù. Ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 2022, ọjà tì pẹ̀lú ìpín rẹ̀ ní dọ́là 323. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ọjà ń tì ní Niu Yọ́ọ̀kì, ìyẹn aago mẹ́wàá alẹ́ ní Èkó lásìkò ọyẹ́. Lẹ́yìn tí ọjà tì ni Meta gbé èsì owó rẹ̀ jáde: èrè ti dín kù, àwọn tó ń wọ Fesibúùkù lójoojúmọ́ náà sì dín díẹ̀, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Nígbà tí ọjà ṣí lọ́jọ́ kẹta oṣù náà, iye àkọ́kọ́ tó jáde jẹ́ dọ́là 244.65.

Ká ní ẹnì kan ní ìpín mẹ́wàá, tó fi sítọ́ọ̀pù sí 300. Àdánù tó ti ṣírò sílẹ̀ látorí 323 jẹ́ dọ́là 230. Bí wọ́n bá bá a tà á ní iye àkọ́kọ́ yẹn, ohun tó pàdánù jẹ́ dọ́là 783.50. Àṣẹ náà kò sì bàjẹ́ o. Ó rí i pé 244 rẹlẹ̀ ju 300 lọ, ó sì tà á gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe rán an. Gbogbo àṣẹ ìrà àti àṣẹ ìtà tó ti kóra jọ kí ọjà tó ṣí ni Nasdaq, ọjà tí wọ́n ti ń ta ìpín Meta, ń pa pọ̀ láti wá iye kan ṣoṣo tí ìpín tó pọ̀ jù lọ fi lè lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó fẹ́ san 300.

Àwọn kan á ní: “Èmi kì í sùn lálẹ́ ọjọ́ èsì, mò ń wo ṣáàtì.” Lóòótọ́, káràkátà ń lọ lẹ́yìn tí ọjà bá tì. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ alágbàtà, sítọ́ọ̀pù kì í ṣiṣẹ́ lásìkò yẹn, ọwọ́ ara ẹni ni èèyàn máa fi tà á, bí áàpù rẹ̀ bá tiẹ̀ gbà á láyè. Kọ̀ǹpútà ló sì ń ka èsì náà ṣáájú èèyàn. Kó o tó ka ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ tán, ìpín Meta ti já bọ́ gan-an lálẹ́ ọjọ́ náà. Ojú rẹ rí i, ọwọ́ rẹ kò bá a.

Èyí tí wọ́n ń pè ní `Stop limit` ńkọ́? Ó ń dáàbò bo iye, kì í dáàbò bo ọ̀nà àbájáde. Ẹni tó fi sítọ́ọ̀pù sí 300, tó ní kí wọ́n má tà á lábẹ́ 295, kò ní tà rárá láàárọ̀ yẹn. Ìpín náà máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ló já wálẹ̀ títí tó fi wà lábẹ́ 90 ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà. Ó padà gòkè kọjá 300 lọ́dún 2023, àmọ́ mélòó nínú wa ló máa lè dúró dè é?

Ohun tó ń mú iye dájú ni kéèyàn ra ẹ̀tọ́ láti ta ìpín rẹ̀ ní iye kan pàtó, èyí tí wọ́n ń pè ní `put`. Ẹni tó ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ ní 300 lè tà á ní 300 títí ọjọ́ rẹ̀ fi máa pé, ì báà ṣe 244 ni ọjà ṣí sí. Ṣùgbọ́n ó máa ń wọ́n bí ọjọ́ èsì bá ti ń súnmọ́, torí àwọn tó ń tà á náà mọ ọjọ́ yẹn, ìpín ọgọ́rùn-ún sì ni ẹyọ kan sábà máa ń bò, tó pọ̀ jù fún onípín mẹ́wàá.

Ohun tó kù fún un ni kó dín ẹyọ ìpín tó ń gbé sùn kù. Ilé-iṣẹ́ máa ń kéde ọjọ́ èsì rẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà kó ṣírò pẹ̀lú àlàfo tó lè yọ láàárín iye tí ọjà fi tì àti iye tó máa fi ṣí, kó má ṣe é pẹ̀lú sítọ́ọ̀pù. Bí agbára rẹ̀ kò bá ju àdánù dọ́là 230 lọ, tó sì gbà pé Meta lè fi nǹkan bí 80 dọ́là ṣí sísàlẹ̀, ìpín méjì ló yẹ kó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kí aago mẹ́wàá alẹ́ tó lù.