Bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ fídíò ọjà tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ: àpẹẹrẹ wàrà Ìlọrin

Ẹni tí ó ń wo fídíò lórí Tiktọ́ọ̀kì tàbí Fesibúùkù kò jókòó de ọjà ẹnikẹ́ni. Àtàǹpàkò rẹ̀ wà lójú fóònù, ó sì lè fi ti fídíò náà kọjá nígbàkígbà tí ó bá wù ú. Nítorí náà, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àkọ́kọ́ kì í ṣe ibi tí a ti ń ṣàlàyé ọjà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó ní ni láti mú kí òǹwòran fẹ́ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹni tí ó ń ta wàrà ní Ìlọrin, ìyẹn wàrà màlúù tí a mú dì, tí ó sì ń gbé e lọ fún àwọn oníbàárà nílé. Ohun tí ó máa ń wá síni lọ́kàn láti kọ́kọ́ kọ ni: “Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ káàbọ̀ sí ilé iṣẹ́ wa.” Kò yani lẹ́nu, nítorí ọmọlúàbí a máa kí ènìyàn kí ó tó sọ ohun tí ó bá wá. Ṣùgbọ́n kí irú ìkíni bẹ́ẹ̀ tó parí, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ, òǹwòran kò sì tíì rí wàrà. Kò sí àfojúdi nínú kí a fo ìkíni. “Ẹ” ọ̀wọ̀ tí a ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ti tó láti fi bu ọlá fún ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀.

Ibi tí a ti ń wá ìbẹ̀rẹ̀ ni inú ọjà náà fúnra rẹ̀: kí ni ó ń ṣe tí ojú lè rí, tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò sì retí? Ní ti wàrà, ohun náà ni pé kì í yọ́ nínú òróró gbígbóná. Àwòrán àkọ́kọ́ yóò wá jẹ́ ọwọ́ tí ó ń ju ègé wàrà funfun sínú agbada, láìsí orin kankan tí yóò bo ariwo òróró mọ́lẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti pa ohùn fóònù wọn, a óò kọ ọ́ sójú àwòrán pẹ̀lú: “Wàrà yìí kò ní yọ́.” Àárín ni kí ọ̀rọ̀ náà wà tàbí òkè díẹ̀, nítorí pé àwọn àmì tí a ń tẹ̀ máa ń bo ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún.

Ìlérí tí a ṣe níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹ kíákíá. Láti ìṣẹ́jú àáyá kẹta sí ìkẹjọ, a yọ ègé náà, a là á sí méjì, ohùn sì sọ pé: “Ẹ wò ó, ẹ̀yìn rẹ̀ ti pọ́n, inú rẹ̀ ṣì funfun.” Láti ìkẹjọ sí ìkọkàndínlógún ni a ń fi bí a ṣe ṣe é hàn: “Wàrà màlúù la gbé kaná. Omi ewé bomubomu ló mú un dì, inú apẹ̀rẹ̀ ló ti ro omi rẹ̀ dànù.” Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní àwòrán tirẹ̀. Lẹ́yìn náà: “Òwúrọ̀ la ń ṣe é, kí ọ̀sán tó pọ́n ó ti dé ọ̀dọ̀ yín ní Ìlọrin.” Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tí ó kẹ́yìn jẹ́ ti iye owó àti nọ́ńbà Wọ́sáàpù. Kí wọ́n dúró lójú àwòrán láìyẹsẹ̀ títí fídíò yóò fi parí, kí ẹni tí ó fẹ́ rà lè rí wọn dà kọ.

Orí ìwé, a máa ń pín ojú ewé sí méjì: ohun tí ojú yóò rí wà lápá òsì, ohun tí etí yóò gbọ́ wà lápá ọ̀tún, àkókò sì wà níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan. Kí a tó yà á, kí a kà á sókè pẹ̀lú aago fóònù, bí ẹni ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú àáyá 25, ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù, nítorí àwòrán náà nílò àyè tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀rọ̀. Gbólóhùn ni kí a yọ. Bí a bá sáré kà á, kò ní yé ẹni tí ń gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn tí a bá gbé fídíò náà jáde, ìlà kan wà nínú àkọsílẹ̀ òǹwòran tí ó ń fi hàn bí àwọn ènìyàn ṣe ń fi fídíò náà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí fídíò tí ìlà rẹ̀ kì í wálẹ̀. Bí ó bá já lulẹ̀ gan-an kí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tó pé, ìbẹ̀rẹ̀ ni kò dára, a sì lè tún ibẹ̀ nìkan yà kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìyókù. Bí ó bá dúró dáadáa títí dé ìkẹjọ kí ó tó já, àlàyé bí a ṣe ń ṣe wàrà ni ó gùn jù: a lè dá ewé bomubomu àti apẹ̀rẹ̀ nìkan sí, kí a gé ìyókù àlàyé náà kúrò.