Ìwé Ẹ̀rí Ọlọ́jọ́ Márùn-ún Kì í Ṣe PMP

Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá ló gbà pé bí ènìyàn bá ti jókòó fún ọjọ́ márùn-ún nínú gbọ̀ngàn ìdálẹ́kọ̀ọ́ kan ní Wúsè tàbí Utákò, tí wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀rí tí wọ́n kọ PMP gàdàgbà sí, ó ti di ẹni tó ní PMP nìyẹn, ó sì lè máa kọ lẹ́tà mẹ́ta náà mọ́ orúkọ rẹ̀. Ìgbàgbọ́ òdì ni. PMP, ìyẹn Project Management Professional, jẹ́ ìwé ẹ̀rí àwọn alábòójútó iṣẹ́ àkànṣe, ìdánwò ni ènìyàn sì ń yege kó tó gbà á. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń ka sífíì àwọn tó ń wá iṣẹ́ ní àjọ kan níbí, kò sì sí ohun tó ń dùn mí nínú iṣẹ́ náà bíi kí n rí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, tí ipò sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nítorí pé kò mọ ohun tí ìwé tó mú wá ń sọ ní ti gidi.

Arákùnrin kan wá sí ilé mi lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Kàdúná ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ará ìjọ wa. Ó bá mi gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wá nínú férémù, pẹ̀lú òǹtẹ̀ aláwọ̀ wúrà ní igun rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “wọ́n ní àwọn ń wá alábòójútó iṣẹ́ àkànṣe tó ní PMP, mo sì fi èyí ránṣẹ́, wọn ò pè mí.” Mo ní kí ó ka ohun tó wà lójú ìwé náà sí mi létí láti òkè délẹ̀. Ó kà á. Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà ló ṣáájú, orúkọ tirẹ̀ tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni gbólóhùn kan tí wọ́n fi lẹ́tà kéékèèké kọ, tó sọ pé ó kópa nínú ìdálẹ́kọ̀ọ́ wákàtí 35 láti múra sílẹ̀ fún ìdánwò PMP. Àwọn ọ̀rọ̀ “láti múra sílẹ̀” kéré débi pé ojú máa ń fò wọ́n, PMP nìkan ló tóbi. Ìwé náà kò purọ́. Òun ló kà á ju bó ṣe mọ lọ.

Iye wákàtí yẹn gan-an ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Àjọ tó ni PMP ni Project Management Institute, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1969, tí orúkọ rẹ̀ ní ìkékúrú sì ń jẹ́ PMI. Ó wà nínú òfin wọn pé kí ẹnikẹ́ni tó jókòó fún ìdánwò náà, ó gbọ́dọ̀ ti gba ẹ̀kọ́ wákàtí 35 lórí bí a ṣe ń bójú tó iṣẹ́ àkànṣe. Bí ènìyàn bá ń kẹ́kọ̀ọ́ wákàtí méje lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún ló máa fi pé wákàtí 35. Ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú àwọn ìdálẹ́kọ̀ọ́ yìí fi máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tí wọ́n sì ń parí lọ́jọ́ Ẹtì. Ìwé tí wọ́n ń fúnni níkẹyìn jẹ́ ẹ̀rí pé a ti ṣe ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n béèrè kí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìdánwò tó ṣí. Ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe, ó sì yẹ kí ènìyàn tọ́jú rẹ̀ dáadáa, nítorí pé PMI máa ń mú lára àwọn tó kọ̀wé láìròtẹ́lẹ̀, tí wọ́n á sì ní kí wọ́n kó ẹ̀rí wọn wá: ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ gíga, ìfọwọ́sí àwọn tó mọ̀ nípa iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn ti ṣe, àti ìwé wákàtí 35 yìí gan-an.

Ìdánwò náà fúnra rẹ̀ jẹ́ nǹkan mìíràn. Nínú ìlànà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2021, ìbéèrè 180 ni wọ́n ń dáhùn láàárín ìṣẹ́jú 230. Ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún ìbéèrè náà dá lórí bí a ṣe ń darí ènìyàn, ìdá 50 dá lórí ìgbésẹ̀ iṣẹ́, ìdá 8 tó kù sì dá lórí bí iṣẹ́ náà ṣe bá ète àjọ tó gbé e kalẹ̀ mu. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ ìtàn kúkúrú: agbaṣẹ́ṣe kan ti pẹ́ lẹ́yìn, olówó iṣẹ́ sì ti ń bínú, kí ni alábòójútó yóò kọ́kọ́ ṣe? Ilé iṣẹ́ mìíràn, Pearson VUE, ló ń mójú tó ìdánwò náà, wọn á sì yẹ káàdì ìdánimọ̀ ẹni wò kí wọ́n tó jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó gba owó ẹ̀kọ́ ló ń sọ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ yege.

Ibi tí ọ̀gá ìgbanisíṣẹ́ ń wò nìyẹn. Ẹni tí kò bá tíì jókòó sí ìdí tábìlì wa lè rò pé a kàn fẹ́ràn orúkọ òyìnbó ni. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń bi ara mi nígbà tí mo bá mú ìwé ẹ̀rí dání ni pé: ta ló lè sọ fún ẹni yìí pé kò yege? Ní ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún, gbogbo ẹni tó sanwó tó sì fọwọ́ sí ìwé àwọn tó wá ló ń gba ìwé ẹ̀rí, ẹni tó lóye àti ẹni tó sùn lọ́sàn-án. N kò fi èyí bú àwọn olùkọ́ náà, mo mọ àwọn tó ń kọ́ni tọkàntọkàn nínú wọn. Síbẹ̀, ìwé tí gbogbo ènìyàn ń gbà kò lè bá mi ya ẹni kan sọ́tọ̀ láàárín igba sífíì.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò kò sì gba àkókò. PMI ní àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí wọn lórí ìkànnì rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni lè wò. A ó tẹ orúkọ àti orílẹ̀-èdè sí i, a ó sì rí irú ìwé ẹ̀rí tí ẹni náà ní àti bóyá ìwé ẹ̀rí náà ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀, nítorí pé ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń sọ ọ́ dọ̀tun. Orúkọ arákùnrin yìí kò sí níbẹ̀. Lójú ẹni tó yẹ sífíì rẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní àìní PMP, ó ti di pé ó kọ ohun tí kò ní mọ́ orúkọ rẹ̀. Ká ní ó ti kọ ọ́ pé òun ti parí ẹ̀kọ́ wákàtí 35, òun sì ń múra ìdánwò, ó lè má gba ipò náà o, ṣùgbọ́n wọn ò ní fi ojú ẹlẹ́tàn wò ó.

A jọ mú bírò lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a sì ṣírò ibi tó dé gan-an. Ẹni tó ti gba oyè yunifásítì ọlọ́dún mẹ́rin gbọ́dọ̀ ní oṣù 36 tó fi darí iṣẹ́ àkànṣe láàárín ọdún mẹ́jọ tó ṣáájú ọjọ́ tó kọ̀wé, ẹni tí ìwé rẹ̀ mọ sí girama yóò sì ní oṣù 60. Ó ní òun ní oṣù 40. Iṣẹ́ kànga ìgbàlódé tó ṣe láti oṣù Kejì ọdún 2020 sí oṣù Kẹta ọdún 2021 jẹ́ oṣù 14. Àtúnṣe ilé ìwòsàn tó ṣe láti oṣù Kìíní sí oṣù Kejìlá ọdún 2021 jẹ́ oṣù 12. Iṣẹ́ iná oòrùn tó ṣe láti oṣù Kẹfà ọdún 2022 sí oṣù Keje ọdún 2023 jẹ́ oṣù 14.

Àṣìṣe méjì ló wà nínú ìṣirò yẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń ṣe wọ́n. Èkíní ni pé oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2021 wọnú ara wọn, ó ń ṣe kànga lọ́wọ́, ó sì ń tún ilé ìwòsàn ṣe. PMI kì í ka oṣù kan lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà iṣẹ́ méjèèjì kò ju oṣù 23 lọ. Èkejì ni pé nígbà tí mo bi í ní ohun tó ṣe gan-an níbi iṣẹ́ iná oòrùn, ó ní ibi ìkẹ́rùsí lòun ń ṣọ́ fún oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó fi òun ṣe olórí. Ṣíṣọ́ ẹrù kì í ṣe dídarí iṣẹ́. Oṣù 11 ló kù níbẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ sì di 34. Oṣù méjì péré ló kù kí ó tó lè kọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ni ó ti ń pe ara rẹ̀ ní PMP láti ìgbà tí wọ́n ti gbé férémù yẹn lé e lọ́wọ́.

Ẹni tí kò tíì darí iṣẹ́ rárá, irú bí àgùnbánirọ̀ tó lo owó àjẹmọ́nú rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí, ní ọ̀nà mìíràn. PMI ní ìdánwò kejì tó ń jẹ́ CAPM, tí kò béèrè iṣẹ́ tí a ti ṣe rí. Ìwé girama àti ẹ̀kọ́ wákàtí 23 ló ń fẹ́, wákàtí 35 tí ènìyàn sì ti kà ju ìyẹn lọ. Ìbéèrè 150 ni, wákàtí mẹ́ta sì ni wọ́n fi ń ṣe é. Kò tó PMP, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni á wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn, ohun tí ìwé inú férémù kò lè ṣe.

Mi ò sọ pé ìwé ìdálẹ́kọ̀ọ́ kò wúlò níbi gbogbo o. Nínú iṣẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà, fún àpẹẹrẹ, kò sí ìdánwò kan ṣoṣo tí gbogbo agbanisíṣẹ́ gbà láti fi mọ ẹni tó mọṣẹ́. Ohun tí ẹni náà ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, àti ìdánwò tí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń ṣe fún un, ni wọ́n ń wò. Níbẹ̀, ìdálẹ́kọ̀ọ́ oṣù mẹ́ta tó sọ ènìyàn di ẹni tó lè kọ ètò níwájú wọn lè ríṣẹ́ fún un. Bẹ́ẹ̀ ni PMP náà kì í ṣe ìwé àṣẹ láti ṣiṣẹ́; mo ti rí ẹni tó ní in tí kò lè ṣàlàyé ìdí tí iṣẹ́ rẹ̀ ìkẹyìn fi fi oṣù mẹ́rin kọjá àkókò tí wọ́n dá fún un, a kò sì gbà á. Ṣùgbọ́n bí ìpolówó iṣẹ́ bá ti dárúkọ ìdánwò kan, ìdánwò yẹn gan-an ni wọn yóò wá.

Arákùnrin náà yọ lẹ́tà mẹ́ta yẹn kúrò nídìí orúkọ rẹ̀ kó tó kúrò nílé mi. Ó kọ iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i pẹ̀lú oṣù tó tọ́, iye kànga tí wọ́n gbẹ́, àti iye ènìyàn tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì fi wákàtí 35 sí abẹ́ ẹ̀kọ́, níbi tó yẹ kó wà. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Gáríkì fi sífíì yẹn gbà á gẹ́gẹ́ bí igbákejì alábòójútó, ibẹ̀ ló sì ti ń ka oṣù méjì rẹ̀.